Àmì ohùn tó jẹ owó mi ní Iléṣà

Owó wákàtí kan ni mo san ní sítúdíò kan ní Iléṣà. Wákàtí mẹ́ta la lò, wọ́n sì gba 20,000 náírà sí i lọ́wọ́ mi. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí Bàbá alága ẹgbẹ́ wa, tó wá ka ìkéde níbẹ̀, mọ̀wé kà dáadáa. Ìwé tí mo tẹ̀ fún wọn ni kò ṣeé kà.

Ìkéde ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ wa ni Bàbá fẹ́ kà sí kámẹ́rà, lójú tẹlipúrọ́ńtà, gíláàsì iwájú kámẹ́rà tí ọ̀rọ̀ máa ń yí gòkè lójú rẹ̀. Mo ti fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́ nílé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìlà kan, kí ojú Bàbá má baà máa sáré sọ́tùn-ún sósì. Mo fi / síbi ìdánudúró kékeré, mo fi // síbi tí wọ́n á ti mí kanlẹ̀. Ìyẹn dára gan-an, mo sì fi yangàn.

Gbólóhùn kan ló dá wa dúró:

A ó fi ọkọ̀ ẹgbẹ́ /
kó ọkọ́ tuntun /
lọ sí oko yín. //

Mo fa ìlà sábẹ́ ọkọ̀ àti ọkọ́ kí Bàbá lè tẹnu mọ́ wọn. Àṣé ìlà náà bo àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́lẹ̀. Níbi tó yẹ kí àmì ohùn wà, àpótí kékeré ló hàn. Bàbá kà á pé, "A ó fi oko ẹgbẹ́ kó oko tuntun," wọ́n sì dákẹ́. "Ọmọ mi, kí lo kọ síbí?" Ojú tì mí.

Ọmọ sítúdíò ní ẹ̀rọ ló ń ṣe wàhálà. Ó pa á, ó tún un tàn. Mo tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àpótí kò kúrò, aago sì ń lọ, owó mi ń bá a lọ. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé à àti é hàn dáadáa, orí ọ àti ẹ nìkan ni àpótí wà. Ìdí rẹ̀ nìyí: odindi lẹ́tà kan ni à jẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí odindi lẹ́tà fún ọ̀. Àmì ohùn rẹ̀ dá dúró, fọ́ńtì ló gbọ́dọ̀ gbé e lé ọ lórí, fọ́ńtì inú ẹ̀rọ yẹn kò sì lè ṣe é.

Mo yí fọ́ńtì náà sí Noto Sans, àpótí pòórá. Mo yọ ìlà abẹ́ kúrò, mo fi àwọ̀ yẹ́lò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa tẹnu mọ́. Mo tún fi àyè sí àárín ìlà àti ìlà, nítorí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ń kan àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí àṣìṣe kankan.

Ká ní mo ti tẹ ọ̀ ọ́ ẹ̀ ẹ́ ṣ sínú ẹ̀rọ wọn, kí n wò ó lójú gíláàsì kí n tó sanwó, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí.