Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíka ihò ayò, pàápàá nígbà tí odù bá wà nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ òpè tí mo ń bá pàdé nídìí ọpọ́n, kì í ṣe pé wọn ò rí ihò tó yẹ kí wọ́n kó. Wọ́n rí i, wọ́n sì kà á, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í kà. Wọ́n á wá fi ọmọ mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n á mú méje, inú wọn á sì máa dùn.

Ayò ọlọ́pọ́n tí à ń jẹ ní méjì àti mẹ́ta ni mò ń sọ. Ihò 12 ni, mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ 48 ló sì wà nínú wọn, mẹ́rin-mẹ́rin níbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tí ibẹ̀ sì di 2 tàbí 3, o jẹ ẹ́. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, o jẹ ìyẹn náà, o ń padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí o fi máa kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọpọ́n kan kalẹ̀. Láti ọwọ́ òsì mi lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ tó wà nínú ihò mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí: 0, 2, 0, 1, 16, 6. Ihò ẹnìkejì, bí ọmọ ṣe máa ń kàn wọ́n bí mo bá ń pín in lọ, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó dojú kọ ihò kẹfà mi: 1, 0, 0, 1, 2, 1. Ọmọ 30 ló wà lórí ọpọ́n. A ti jẹ 18, mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi, mẹ́jọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló kàn.

Ihò méjì péré ló lè jẹun níbẹ̀, kẹfà àti karùn-ún.

Wo ihò kẹfà ná. Ọmọ mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti inú ihò tí o ti kó ọmọ. Ibi tí o ti kó o kì í gba ọmọ, ihò tó tẹ̀ lé e ni «ọ̀kan». Ẹni tó bá ka ihò kẹfà mọ́ ọn á rò pé ihò karùn-ún ọ̀gbẹ́ni yìí lòun máa parí sí, nígbà tó jẹ́ pé kẹfà rẹ̀ gan-an ni ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí.

Àṣìṣe kejì tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òpè á wo ihò ẹnìkejì bó ṣe wà báyìí, á rí 1, 2, 1 ní ìparí, á ní «mẹ́rin ni mo máa jẹ». Ohun tó wà níbẹ̀ kí o tó pín kọ́ lo máa jẹ. Gbogbo ihò tí o bá kọjá ló ń gba ọ̀kan sí i. Lẹ́yìn tí o bá pín mẹ́fà náà tán, ihò kẹfà rẹ̀ di 2, karùn-ún di 3, kẹrin di 2. Ìkẹta tó ṣófo tẹ́lẹ̀ di 1, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ máa dúró sí. Méje lo jẹ, kì í ṣe mẹ́rin.

Méje dára. Odù ni mo fẹ́ kí o wò.

Ọmọ 16 wà nínú ihò karùn-ún mi. Nígbà tí ọmọ bá ti tó 12 nínú ihò kan, odù ni. Bí o bá kó o, o máa yí ọpọ́n po, o sì máa fo ihò tí o ti kó o. Fífò yìí ni òpè máa ń gbàgbé nígbà tó bá ń fi ojú kà. Á ka ihò karùn-ún mọ́ àwọn tó máa gba ọmọ, á sì parí ìṣirò rẹ̀ sí ihò kẹta ẹnìkejì. Níbẹ̀ á rí 2, 2, 3, á ní méje náà ni. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé méje náà ni ihò kẹfà máa jẹ, á ní kí òun kúkú fi odù òun pamọ́.

Bí mo ṣe máa ń kà á nìyí. Mo máa ń yọ 11 kúrò nínú odù, nítorí pé ihò 11 ló kù yàtọ̀ sí èyí tí mo kó. Ó ku 5. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ihò kẹfà mi, mo ka 5: kẹfà mi, lẹ́yìn náà kìíní, kejì, kẹta àti kẹrin rẹ̀. Ihò kẹrin rẹ̀ ni mo parí sí. Gbogbo ihò tí mo kọjá lẹ́ẹ̀kejì ti gba méjì-méjì. Nítorí náà kẹrin tó ní 1 di 3, ìkẹta tó ṣófo di 2, ìkejì tó ṣófo di 2, ìkíní tó ní 1 di 3. Mẹ́wàá gbáko.

Ìdí nìyí tí ojú tí a fi ń wo oúnjẹ odù fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí a bá ń pín ọmọ kékeré, ihò tó ní 1 tàbí 2 là ń wá. Tí odù bá ń lọ ní ìyípo kejì, ihò tó ṣófo àti èyí tó ní 1 ló di oúnjẹ, ihò tó ní 2 sì di 4, ó já okùn. Bí odù bá tóbi ju 22 lọ, 22 ni kí o yọ. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ihò tí o bá kọjá ní ìyípo kẹta máa gbà, èyí tó ṣófo nìkan ló sì ṣeé jẹ níbẹ̀.

Ṣé kò wá dára kí a kọ́kọ́ jẹ méje, kí odù dúró de ẹ̀ẹ̀kejì? Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn tí mo bá jẹ méje yẹn, ìlà rẹ̀ máa ku 2, 1, 1, 0, 0, 0. Bí òun náà bá mọ ayò, á kó ihò kìíní rẹ̀, ìkejì á di 2, ìkẹta á di 2. Bí odù mi bá wá lọ, ihò kẹrin rẹ̀ di 2, mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìkẹta ti di 4. Méjì péré. Méje àti méjì jẹ́ mẹ́sàn-án láàárín ìtayò méjì, nígbà tí odù nìkan ì bá ti fún mi ní mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá sì lo odù lákọ̀ọ́kọ́, 3 àti 2 ló kù sí ihò karùn-ún àti kẹfà rẹ̀, ihò kejì mi tó ti di 3 ni èyíkéyìí nínú wọn máa parí sí, á sì sọ ọ́ di 4. Kò rí nǹkan kan jẹ.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni kí iye tó wà nínú odù gan-an má dá ọ lójú. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lábẹ́ igi máńgòrò kan, lórí ọpọ́n tó jọ èyí. Mo ti ń ka odù mi bọ̀ láti ìgbà tó ti wà ní mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ẹnìkejì mi pín ọmọ kọjá lórí rẹ̀, tí mi ò fi ọ̀kan yẹn kún un. Mo rò pé 16 ni, 17 ni. Ọmọ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ mi kọjá ihò kẹrin, ó bọ́ sí karùn-ún tó ní 2, ó sọ ọ́ di 4. Mi ò jẹ ẹyọ kan, odù sì ti tú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ẹnìkejì bá ti ń sún mọ́ odù mi, iye tuntun ni mo ń pè nínú ọkàn mi kí ọmọ náà tó balẹ̀.