Bí Bàbá Wa Ṣe Gbé Ilé Búrẹ́dì Lé Mi Lọ́wọ́

"Ìwọ ni màá gbé e fún." Bàbá ti sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́rin kí n tó láyà láti béèrè pé, "Bàbá, kí gan-an lẹ fẹ́ gbé fún mi?" Wọ́n na ọwọ́ yíká ọgbà, wọ́n ní, "Èyí tí ò ń wò yìí náà ni." Ohun tí mo ń wò ni ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn, ààrò méjì, ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, bọ́ọ̀sì tó ti gbó, òṣìṣẹ́ 14, àti àwọn alágbàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. Kò sí ìwé kankan tó sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó méjì ni Bàbá fẹ́, nílànà ìbílẹ̀. Ìyá wa àgbà bí ọmọ méjì, ìyá mi bí mẹ́rin. Àrẹ̀mọ ilé wa, ọmọ ìyá wa àgbà, tíṣà ni, kò sì fẹ́ràn ooru ààrò rí. Èmi ni mo ti wà níbẹ̀ fún ọdún 9. Nítorí náà, ẹni tí yóò gba iṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro wa.

Lọ́yà tí mo lọ bá ló fi ibi tí ìṣòro wà hàn mí. Orúkọ òwò lásán ni Bàbá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpánì sílẹ̀. Ó ní orúkọ òwò kì í ṣe ẹni ọ̀tọ̀: ẹrù rẹ̀, ẹrù Bàbá ni, gbèsè rẹ̀, gbèsè Bàbá ni. Bí Bàbá bá lọ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ogún ẹbí, títí kan ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. Ìdí-igi la ó sì fi pín in: ìdajì fún ọmọ méjì ìyá wa àgbà, ìdajì fún àwa mẹ́rin. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tó dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, ló fìdí ìyẹn múlẹ̀. Orí-ò-jorí, ìyẹn kí gbogbo ọmọ gba dọ́gba-dọ́gba, wà fún ìgbà tí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí olórí ẹbí sì rí i pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Gbogbo "ìwọ ni màá gbé e fún" yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ohun tí Bàbá bá fẹ́ kó jẹ́ tèmi, àfi kí wọ́n fi fún mi lójú ayé wọn, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún.

A wá ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, ilẹ̀ àti iṣẹ́. Ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n kọ ìwé ìhágún pé tí àwọn bá lọ, ti àwa ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni. Ẹlẹ́rìí méjì ló fọwọ́ sí i lójú wọn. Lọ́yà ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ́ ẹlẹ́rìí, torí ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún lè pàdánù ohun tí wọ́n fún un nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ní tirẹ̀, a sọ ọ́ di kọ́ńpánì. Ẹ̀rọ, bọ́ọ̀sì àti orúkọ wọ inú rẹ̀. Kọ́ńpánì náà ló wá ń san owó ilé fún Bàbá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí owó ilé yìí, torí òun ló tú okùn. Ọdún méjì gbáko ni Bàbá fi ń sún ọjọ́ síwájú. Bí mo bá ti dárúkọ oṣù, wọ́n á ní kí n wá wo bí ìlẹ̀kùn ààrò ṣe ń jó. Mo rò pé wọn ò fọkàn tán mi ni. Ìyá mi ló là mí lójú: "Bí ó bá gbé e fún ọ tán, ta ni yóò máa fún un lówó ọbẹ̀?" Bàbá ò ní owó ìfẹ̀yìntì níbikíbi. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ máa bu owó fún wọn bí ẹni ń bu ìrẹsì. Nígbà tí a kọ ọ́ pé ₦150,000 lóṣooṣù ni owó ilé, pé gbèsè kọ́ńpánì ni, kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọwọ́ mi, wọ́n dá ọjọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ìpín mílíọ̀nù kan la pín kọ́ńpánì sí. Mo gba 300,000 lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, 200,000 ní òpin ọdún kìíní, 200,000 ní òpin ọdún kejì, àti ìyókù ní òpin ìkẹta. Bí kọ́ńpánì bá jẹ Bàbá ní owó ilé oṣù mẹ́ta, ìpín ọdún yẹn ò ní wá.

A pe gbogbo ilé jọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí mo mọ̀ pé yóò béèrè: "Ṣé ilẹ̀ lẹ fún un?" Nígbà tó gbọ́ pé rárá, ó ní kí a kọ ohun méjì kún un: pé ọdún méjì-méjì la ó máa tún owó ilé yẹ̀ wò, àti pé bí mo bá fẹ́ ta iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan, ẹbí ni màá kọ́kọ́ fi lọ̀. Inú mi ò dùn nígbà yẹn. Ó jàre, ẹ̀gbọ́n mi.

Èyí tó kù wà nínú orí Bàbá. Alágbàtà 43 ló ń gbé búrẹ́dì láwìn láàárọ̀ tí wọ́n ń san án nírọ̀lẹ́, Bàbá nìkan ló sì mọ iye tí kálukú lè jẹ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé. A rí i pé àwọn 11 ti jẹ gbèsè tí kò ní padà mọ́. A yọ ọ́ kúrò kí a tó kọ iye tí iṣẹ́ náà tó, kí n má baà gba afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń ta fúláwà fún wa náà, ojú Bàbá ló ń wò tó fi ń fún wa ní àpò 60 láwìn. Bàbá mú mi lọ, wọ́n ní ọmọ wọn nìyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi dáadáa, oṣù tó tẹ̀ lé e ó fún mi ní àpò 20. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti fi owó àpò 40 pamọ́ ṣáájú.

Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ nìyí. Mo dá àwìn alágbàtà kan dúró. Ó lọ bá Bàbá nílé, ó kúnlẹ̀, Bàbá sì pe fọ́máànù wa lórí fóònù pé kó fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́fà ti mọ ọ̀nà ilé Bàbá. Mi ò bá wọn jà. Mo gbé ìwé lọ, mo fi iye tó wà níta hàn wọ́n, mo ní, "Bàbá, nínú èyí lowó ilé yín ti ń wá." Látìgbà náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń wá, ẹni tó bá sì sá tọ̀ wọ́n lọ, èmi ni wọ́n ń dá a padà sí. Ní báńkì, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ohun tó bá ju ₦500,000 lọ, àwa méjèèjì la ń fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ó ku èmi nìkan.

Ìpín tó gbẹ̀yìn wọlé lóṣù tó kọjá. NAFDAC nìkan la ṣì ń dúró dè, torí orúkọ Bàbá ló wà lórí ìwé búrẹ́dì náà, a ò sì lè tẹ náílọ́ọ̀nù tuntun kí wọ́n tó yí i padà. Ìdì náílọ́ọ̀nù mẹ́jọ tó ní orúkọ wọn ló kù nínú sítọ́ọ̀. Ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, Bàbá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n má yára.