Orúkọ àlejò yín, ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbà á

Ẹ̀yin olóòtú ètò, ẹ má ka orúkọ olùbánisọ̀rọ̀ láti inú ìwé ètò. Ẹ ní kó fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ àti oyè rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sórí káàdì bí etí yín ṣe gbọ́ ọ. Ìwé ètò kì í sábà ní àmì, nítorí náà ojú á kàn máa méfò ni. Ẹ wo Okpara, orúkọ Ígbò. Ẹlòmíì á pè é ní “Ọ-kí-pára”, bẹ́ẹ̀ “kp” tiwọn gan-an ni “p” tiwa. “Ọpara” ni kẹ́ ẹ kọ síwájú ara yín, ẹnu yín á gbé e dáadáa.

Ti oyè le díẹ̀, torí Ọ̀tún Balógun Ìbàdàn kì í ṣe Balógun Ìbàdàn, ẹni tó ni ín sì lè wà níjokòó níbẹ̀. Ẹ gé oyè sí méjì tó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ fi orúkọ parí rẹ̀, kí àtẹ́wọ́ lè bọ́ sí i:

“Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́ bá wa sọ. Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọpara!”

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọba ni àlejò, ẹ ò gbọdọ̀ ní kí Kábíyèsí fi ohùn ránṣẹ́ o. Akọ̀wé ààfin ni kẹ́ ẹ bi.