Má Kọ "A o" Lásán: Àṣìṣe Àmì Tó Ń Yí Àtẹ̀jíṣẹ́ Padà

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí awakọ̀ tí yóò gbé àwọn ẹbí wa lọ sí ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo kọ kò ju báyìí lọ: "Egbon, a o nilo bosi lola o." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa ti wé gèlè, a ti dé fìlà, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ò rí bọ́ọ̀sì. Mo pe ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gbé èrò mìíràn, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. "Ṣebí ìwọ lo ní ẹ ò nílò bọ́ọ̀sì mọ́?" Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí n lọ ka ohun tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀. Mo kà á, ẹnu mi sì wọhò.

"A ó nílò bọ́ọ̀sì" ló wà lọ́kàn mi. "A ò nílò bọ́ọ̀sì" ni ẹ̀gbọ́n kà. Kò sí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Àmì orí o kan ṣoṣo ni: bó bá kọjú sókè, ìlérí ni, bó bá kọjú sísàlẹ̀, "kò" tí a gé kúrú ni. Bí o bá yọ àmì náà, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ di ọ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé òǹkàwé á fi òye gbé e. Òótọ́ ni, fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá kọ "mo fe ra ewa loja", kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹwà lo fẹ́ lọ rà, ẹ̀wà ni gbogbo ayé máa kà. Ṣùgbọ́n ní ti "a o", ìtumọ̀ méjèèjì ló bọ́ sí i. Ẹni tó gba bọ́ọ̀sì lè ní òun ń retí rẹ̀, ó sì lè ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi kò rò tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òde òní, "a máa" tàbí "a á" la sábà máa ń lò fún ohun tó ń bọ̀. Inú ìwé àti orí pẹpẹ ìwàásù ni "a ó" pọ̀ sí. Nítorí náà, bí ojú bá rí "a o" láìsí àmì, "a ò" ló kọ́kọ́ wá sí ètè. Bẹ́ẹ̀ náà ni "e o" àti "won o". Wo ẹni tó kọ ọ́ sí ẹni tó jẹ lówó pé "a o ni owo lose to n bo". Ṣé wọn ó ní owó ni, àbí wọn ò ní? "Mi o" nìkan ni kò léwu, torí pé "mi ò" nìkan ló lè jẹ́. "Màá" tàbí "n ó" la máa ń lò fún ti ọjọ́ iwájú.

Bí ọwọ́ rẹ bá ń kánjú tí o kò lè fi àmì sí i, má kọ "a o" rárá. Kọ "a maa nilo" tàbí "a ko nilo". Méjèèjì ò ní àmì kankan lórí, síbẹ̀ wọn kò jọra.

Ṣùgbọ́n "ko" náà ní pàkúté tirẹ̀. Gbé èyí wò: "Iya ni ko wa." Ẹnì kan á kà á sí "Ìyá ní kó wá", ìyẹn ni pé Ìyá ránṣẹ́ pè é. Ẹlòmíràn á kà á sí "Ìyá ni kò wá", pé gbogbo ènìyàn dé, Ìyá nìkan ni a ò rí. Ibi méjì ni ó ti yí: "ní" tó ń sọ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ di "ni" tó ń tọ́ka, "kó" tó jẹ́ "kí ó" di "kò". Bí o bá wá sọ pé wàá tú u palẹ̀, tí o kọ "Iya ni ki o wa", o ti yẹ ọ̀kan sílẹ̀, o tún kó sí òmíràn: "kí o wá" ni àbí "kí ó wá"? Ìwọ tó ń kà á ni wọ́n ń pè, tàbí àbúrò rẹ? Níbí, yálà kí o fi àmì sí i tàbí kí o pe ẹni náà: "Iya ni ki aburo mi wa." Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ma" ni èyí tó ń bí mi nínú jù, torí pé kì í tilẹ̀ ṣe àmì ló fà á, a kan ń ṣahun lẹ́tà ni. Àwọn ọmọ ìwòyí ń kọ "ma" fún "má" àti fún "máa". "Ma bo" lè jẹ́ "máa bọ̀", ó sì lè jẹ́ "má bọ̀". Ẹnì kan ti wọ bàtà, ó ń wò ó bóyá kí òun bọ́ ọ. Bí o bá tún wá fi ọ̀wọ̀ kún un, "E ma lo ma", mo fẹ́ mọ ẹni tó lè sọ bóyá wọ́n ní kí àǹtí ó máa lọ ni tàbí kí wọ́n dúró. Fi a kejì sí "maa", ọ̀rọ̀ ti tán, àmì ohùn ò tilẹ̀ pọn dandan.

Èyí tó lè dá jìnnìjìnnì bo ènìyàn ni "ku". Fojú inú wo ẹbí tó ń kó ara wọn jọ fún àwòrán. Wọ́n bi ẹni tó wà níbẹ̀ pé ta ni wọ́n ń dúró dè, ó fèsì pé "Baba lo ku." Bàbá ló kù ni: àwọn nìkan ni a ń retí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣí fóònù láàárín òru, tí kò mọ̀ pé àwòrán ni wọ́n fẹ́ yà, "Bàbá ló kú" ló máa kà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń yí gbólóhùn náà padà: "O ku Baba." Ìdí tí èyí kò fi lè ṣini lọ́nà ni pé a kì í fi orúkọ ẹni tó kú sẹ́yìn "kú" báyẹn. Ẹni tó bá rí "o ku Baba" mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ́kù ni. Bí o bá fẹ́ fi àmì sí i, rántí pé ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e: "ó kù", ṣùgbọ́n "ó ku Bàbá", "mo rà á", ṣùgbọ́n "mo ra iṣu". "Mo rà iṣu" tí ọ̀pọ̀ ń kọ kì í ṣe bí ẹnikẹ́ni ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn tó ń fi àmì sí i náà ní àṣìṣe tiwọn, ìkíni ọjọ́ ìbí ló sì máa ń tú wọn fó. "E ku ojo ibi" láìsí àmì kankan kò burú. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ayẹyẹ ni. Wàhálà dé nígbà tí ẹnì kan fi àmì sí gbogbo rẹ̀ dáadáa tó wá fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀: "Ẹ kú ọjọ́ ibi." Nínú àkọtọ́ wa, ohùn àárín kì í gba àmì. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ tó yí i ká bá ti ní àmì, ìhòòhò tí o fi "ibi" sílẹ̀ kì í ṣe ìgbàgbé mọ́ lójú ẹni tó ń kà á, ohùn àárín lo sọ pé ó jẹ́. Ibi, ìdàkejì ire, lo fi kí ọlọ́jọ́ ìbí. Ẹlòmíràn á rò pé kò dára bẹ́ẹ̀, á fi àmì òkè kan sí ìparí: "ọjọ́ ibí", bí ẹni ń sọ pé níbí. "Ọjọ́ ìbí" ni, ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà òkè. Àmì tó ṣì burú ju àìsí àmì lọ. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi àmì òkè sí "oko" nígbà tó ń sọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó kọ, a kì í pè é níwájú àgbà.

Ní ti àmì abẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan ohùn. "Owo n dun mi": ọwọ́ ni àbí owó? Bí o bá kọ "ọwọ n dun mi", a ti mọ̀ pé egbòogi ló kù, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó jẹ ọ́ lówó. Ṣùgbọ́n ṣọ́ ibi tí o ti mú àmì náà. Lórí pátákó ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá tẹ e mọ́lẹ̀ pẹ́, ó lè gbé ę wá, tó ní ìrù tó ká lábẹ́. Lẹ́tà àwọn ará Póláǹdì nìyẹn, kì í ṣe ẹ wa. Lójú fóònù kékeré wọ́n jọra, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí o tẹ ẹ gidi, fóònù lè ní kò sí i. Nínú Gboard, lọ sí Settings, Languages, ADD KEYBOARD, kí o mú Yoruba.

Owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ń sanwó fún lo ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe WhatsApp. Ojú ewé kan gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kékeré à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọlé, ojú ewé náà di lẹ́tà 70, tí ẹ̀ kan á sì gba àyè méjì, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún ohùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́tà 150 tó jẹ́ ojú ewé kan yóò di mẹ́ta nítorí ẹ kan. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ò wà lára àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. "A ò nilo bosi" kò wọ́n ju "a o nilo bosi" lọ.

Nígbà tí ìnáwó mìíràn dé, ẹ̀gbọ́n kan náà ni mo kọ̀wé sí: "Egbon, a maa nilo bosi lola, aago mefa aaro." Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Mo ti gbo." Gbọ́ ni, àbí gbó? Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà.