Ẹ̀rọ Etí àti Fóònù: Lẹ́tà T Tàbí Àtagbà Tààrà?

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbà tó ń lo ẹ̀rọ etí, àti fún àwọn ọmọ tó ń rà á fún wọn

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń lo ẹ̀rọ etí láìsí wàhálà kankan nínú ilé. Wọ́n ń gbọ́ ọmọ, wọ́n ń gbọ́ àlejò. Àfi tí fóònù bá dún. Bí wọ́n bá ti gbé e sí etí, ẹ̀rọ á máa súfèé, tàbí kí ohùn ẹni tó ń pè máa lọ kó máa bọ̀, títí wọn á fi gbé fóònù fún ọmọ-ọmọ pé kó bá àwọn gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Máíkì rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti gbọ́ ohùn fóònù láti ìta, pọ̀ mọ́ gbogbo ariwo tó wà láyìíká. Ohùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń sọ sínú etí tún ń jò jáde, ó ń kọlu fóònù, ó sì ń padà sí máíkì. Ìyẹn ló ń súfèé.

Ọ̀nà méjì ló wà tí ohùn fóònù lè gbà dé inú ẹ̀rọ etí láìgba ẹnu máíkì kọjá. Àkọ́kọ́ ni telikọ́ìlì, tí wọ́n ń fi lẹ́tà T ṣàmì rẹ̀. Èkejì ni àtagbà tààrà, níbi tí fóònù ti ń fi bulutúùtù ta ohùn sínú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń tajà fẹ́ràn láti máa yin èkejì, nítorí òun ló dé kẹ́yìn. Ní tèmi, fóònù tó wà lọ́wọ́ àgbà ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe jẹ́ tuntun tó.

Ohun tí T ń ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń jókòó sẹ́yìn etí, wáyà bàbà tín-ínrín kan wà tí wọ́n wé mọ́ irin kékeré. Òun ni telikọ́ìlì. Òòfà wà nínú ibi tí fóònù ti ń sọ̀rọ̀ sí wa létí, bó sì ti ń sọ̀rọ̀ ni agbára òòfà ń jáde lára rẹ̀, tó ń yí padà bí ohùn ti ń yí. Wáyà bàbà yẹn ń gba agbára náà, ẹ̀rọ etí á sì sọ ọ́ di ohùn padà. Nígbà tí ẹ bá wà lórí T, máíkì ti dákẹ́. Ariwo ọjà ò wọlé mọ́, ìsúfèé náà sì tán. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ti fóònù àti ti àyíká pọ̀, MT ni ẹ máa lo, bí ẹ̀rọ yín bá ní i.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ẹ máa so pọ̀ mọ́ ohun kankan. Kò bèèrè nọ́ńbà àṣírí, kò sì bìkítà bóyá fóònù yín jẹ́ oní-bọ́tìnì tàbí olójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ni agbára òòfà rẹ̀ tó. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1988 ló bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí fóònù bá ẹ̀rọ etí mu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń kọ T3 tàbí T4 sí fóònù alágbèéká tó yege, tí T4 sì dára ju T3 lọ. Bí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára páálí, ó dára. Bí ẹ kò bá rí i, ìdánwò ló kù.

Màmá kan ní Ìṣẹ́yìn

Ẹ jẹ́ ká fi màmá ẹni ọdún 78 kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ní fóònù oní-bọ́tìnì tí àwọn oníbàárà fi ń pè é, ó sì ní fóònù Android tí ọmọ rẹ̀ ní Manchester fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn lórí WhatsApp.

Fóònù kékeré la máa kọ́kọ́ yanjú. Màmá tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ rẹ̀ títí, kò rí T. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: telikọ́ìlì lè wà nínú ẹ̀rọ kó má ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó tò ó fún un kò tan ètò T nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní láti padà sọ́dọ̀ ẹni náà kó tan án. Bí ẹ̀rọ bá kéré débi pé inú ihò etí ló ń wọ̀ pátápátá, ó ṣeé ṣe kó má ní telikọ́ìlì rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣáàjì. Ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi olùtajà.

Nígbà tí wọ́n tan T tán, ó ku ìdánwò. Ẹ wá ohùn tí yóò máa sọ̀rọ̀ lọ láìdúró. Ní Nàìjíríà, ẹ lè pe 300, kí ẹ jẹ́ kí ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ níbẹ̀ máa sọ tirẹ̀. Ẹ yí ẹ̀rọ sí T. Ẹ má gbé fóònù sí ihò etí bí a ti máa ń ṣe. Ara ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn etí ni telikọ́ìlì wà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé apá òkè fóònù sí. Ẹ rọra fà á sókè, ẹ fà á sísàlẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibì kan á wà tí ohùn á ti là ketekete, bí ẹ bá sì yẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba díẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀. Kí ọwọ́ mọ ibẹ̀. Fún àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, apá yìí gan-an ló nira jù nínú ọ̀rọ̀ T.

Màmá rí ibi tí ohùn ti mú, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kùn "hùùù" láìdákẹ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Telikọ́ìlì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òòfà fóònù àti ti àwọn nǹkan mìíràn: ínfátà, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń tún iná ṣe, gílóòbù gígùn àtijọ́, gbogbo wọn ló ń ta agbára òòfà jáde. Ó dìde lọ sí ìloro, kíkùn náà lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń gbọ́ ń ta pẹ́pẹ́pẹ́, tó ń dá dúró tó ń tún bẹ̀rẹ̀, rédíò inú fóònù fúnra rẹ̀ nìyẹn, pàápàá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G. Ẹ gbìyànjú níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lágbára, nítorí ibẹ̀ ni fóònù kò ti ní máa sapá jù.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù lórí T. Bí màmá bá parí ọ̀rọ̀ tí kò dá ẹ̀rọ padà sí M, ìyẹn ti máíkì, kò ní gbọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, yóò sì rò pé bátìrì ti kú. Kí ẹ tó lọ ra bátìrì tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ wà.

Àtagbà tààrà, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ páálí kò fi tó

Ìpè ojú-kojú láti Manchester ni T kò lè bá màmá ṣe dáadáa, nítorí kò ṣeé ṣe kó gbé fóònù sẹ́yìn etí kó tún máa wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àtagbà tààrà mú níbí. Ohùn ń wọ etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ sì ṣófo. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń rẹ̀ máa ń mú ọ̀rọ̀ dáadáa sí i bó bá fi etí méjì gbọ́ ọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé "bulutúùtù" lára páálí ẹ̀rọ àti "bulutúùtù" lára páálí fóònù kò túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì gbọ́ èdè ara wọn. Apple ní ètò tirẹ̀ fún iPhone láti ọdún 2013. Google gbé èyí tí wọ́n ń pè ní ASHA jáde fún Android, ó sì wọ inú Android 10 ní 2019, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù ló fi sínú tiwọn. Ètò tuntun kan tún wà, LE Audio, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ díẹ̀, bíi àwọn kan lára ti Phonak, ń lo bulutúùtù lásán tí fóònù kékeré pàápàá lè ní. Nítorí náà, ẹ mú orúkọ fóònù gan-an lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kó wò ó nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Láti so wọ́n pọ̀, ẹ ṣí ilé bátìrì kí ẹ tún pa á dé, tàbí kí ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú ṣájà rẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi ṣeé rí, nítorí náà kí fóònù ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Lórí iPhone, ọ̀nà rẹ̀ nìyí:

```
Settings > Accessibility > Hearing Devices
```

Kì í ṣe ojú ewé Bluetooth lásán. Àṣìṣe yìí ló ń mú kí àwọn ọmọ máa sọ pé ẹ̀rọ Màmá ò dára.

Ohun méjì ló máa ń da àgbà láàmú lẹ́yìn èyí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, etí nìkan ni ohùn ń lọ. Máíkì fóònù ni ẹni tó wà lódì kejì fi ń gbọ́ yín. Bí màmá bá fi fóònù sórí tábìlì tó lọ jókòó lókèèrè, òun á gbọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò ní gbọ́ ọ. Èkejì ni bátìrì: àtagbà ń jẹ ẹ́ ju T lọ dáadáa. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ kò ní lo bátìrì kan pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí fóònù kò bá gbà

Fóònù Android màmá kò ní ASHA, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ní bulutúùtù lásán. Kò pọn dandan kó ra fóònù mìíràn. Okùn kan wà tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, tí wáyà wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n ń ki ìgbọ́hùn etí sí lára fóònù. Ohùn fóònù á di agbára òòfà yíká ọrùn, ẹ̀rọ méjèèjì tó wà lórí T á sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Wàhálà wíwá ibi tí ohùn ti mú lẹ́yìn etí ti tán, màmá sì lè gbé fóònù síwájú kó máa wo ojú ọmọ-ọmọ. Ó ń bá fóònù kékeré ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, bí ihò rẹ̀ bá bá ẹnu okùn mu. Bí okùn náà kò bá ní máíkì tirẹ̀, fóònù ni kí ó máa sọ̀rọ̀ sí, kó má sì jìnnà sí i. Fún ẹni tó ti ní T létí, èmi á ní kó ra okùn yìí kó tó náwó sórí ẹ̀rọ tuntun nítorí àtagbà.

Fún àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn ní Bírítéènì, T tún ní ìwúlò mìíràn. Níbi tí ẹ bá ti rí àwòrán etí pẹ̀lú lẹ́tà T, ní báńkì, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, irú wáyà yẹn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá yí sí T á gbọ́ oníwàásù tààrà. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀rọ tí kò ní telikọ́ìlì fún yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, kí àgbà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀ gan-an. Kí ọmọ kan pè é láti ìta ṣọ́ọ̀bù, kó sì ka nọ́ńbà mẹ́wàá fún un láìtò wọ́n. Bí àgbà bá lè tún wọn sọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, ẹ sanwó. Bí kò bá lè ṣe é, kí olùtajà tún ẹ̀rọ tò lójú yín, tàbí kó dá ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.