Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a gbà sílẹ̀ di àkọsílẹ̀ tó létò

Olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu kì í tò ó bí ẹni tó ń kọ̀wé. Á mú kókó kan, á ya sórí òmíràn, á tún padà sórí ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá kàn gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ohun tó bára wọn tan yóò ṣì jìnnà síra. Kíkó wọn jọ gan-an niṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọkàn àti ìrìn ẹ̀jẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa gbọ́ ohùn náà bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹ fojú sí nọ́ńbà, orúkọ, àti ibi tí olùkọ́ ti sọ pé nǹkan «kì í» ṣe báyìí tàbí «kò» rí báyìí. Bí «kì í» kan ṣoṣo bá bọ́ sọnù, ìtumọ̀ gbólóhùn ti dorí kodò nìyẹn, ojú lásán kò sì ní rí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, «okan» lè jẹ́ ọkàn, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má ṣe pa àkókò tó wà níwájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ́ o. Òun lẹ óò fi wá ibẹ̀ rí nígbà tí iyèméjì bá dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ níbi tí kókó ti yí padà. Ibi tí olùkọ́ ti dánu dúró láti mí kọ́ ni kí ẹ máa gé. Gbólóhùn kan lè ní kókó méjì nínú. Ẹ là á sí méjì. Ẹ wá tò wọ́n sínú àtẹ olópòó mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà: àkókò, àmì, ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ti tó fún àmì, ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ sì máa lò fún kókó kan náà títí dé òpin:

```
04:10 | yàrá | ọkàn ní yàrá mẹ́rin
06:30 | iṣan | iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn púpọ̀
19:05 | yàrá | ògiri apá òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ
31:40 | iṣan | èyí tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kò rí bẹ́ẹ̀
```

Ẹ tẹ `Sort`, kí ẹ fi òpó àmì ṣáájú, kí òpó àkókò tẹ̀ lé e. Gbogbo «iṣan» yóò kóra jọ, gbogbo «yàrá» náà yóò sì kóra jọ.

Ibí yìí ni èrè rẹ̀ wà. Ẹ wo 06:30 àti 31:40. Ẹni tó bá tẹ̀ lé bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́ yóò kọ́kọ́ há a sórí pé gbogbo iṣan àlọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn púpọ̀. Èyí tó yàtọ̀ yóò wà lójú ewé mìíràn, bóyá kó má tilẹ̀ rántí rẹ̀. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ẹ óò lè kọ ọ́ bó ṣe rí: iṣan àlọ ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sábà máa ń ní ọ́síjìn púpọ̀, àfi inú èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ máa wá gbogbo ibi tí olùkọ́ ti sọ pé «àfi», «ṣùgbọ́n» tàbí «bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan». Ẹ má sì ju ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí nù, torí pé ìdáhùn ibẹ̀ sábà máa ń tún ohun tí kò yé ènìyàn ṣáájú ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá yẹ ìsọ̀rí méjì, ẹ fi í síbi tí ẹni tó ń wá a yóò kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ sì kọ «wo ìsọ̀rí báyìí» sí èkejì. Àwàdà àti ìkéde lè jáde.

Àkọlé ni kí ẹ kọ kẹ́yìn. «Iṣan» nìkan kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kàwé. «Báwo ni iṣan àlọ ṣe yàtọ̀ sí iṣan àbọ̀?» dára jù, nítorí ó jẹ́ ká lè yẹ ìsọ̀rí náà wò: ìlà tí kò bá dáhùn ìbéèrè náà ti ṣìnà wá síbẹ̀. «Ògiri apá òsì nípọn» kò ní ríbi jókòó lábẹ́ rẹ̀, abẹ́ «Kí ni yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn ń ṣe?» ló yẹ kó wà, nítorí pé apá òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, nígbà tí apá ọ̀tún ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí.

Níkẹyìn, ẹ fi àkókò sẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá padà sórí àtẹ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fagi lé èyí tó ti ríbi wọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù láìfagi lé, tí kì í sì í ṣe àwàdà tàbí ìkéde, ẹ wá ìsọ̀rí fún un, tàbí kí ẹ ṣí àkọlé tuntun.