Ìkòkò iṣu kì í ṣe ìkòkò ata

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa l'Ékìtì, ẹ jọ̀ọ́, ìkòkò alumíníọ́mù rírọ tí ẹ fi ń se iṣu iyán, ẹ má fi se ata tòmátì mọ́. Iṣu kò kan, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Omi kíkan inú tòmátì ló ń jẹ awọ tín-ín-rín tó bo ìkòkò náà. Ẹ wo inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ata bá hó gbẹ: ibi tó dúdú tẹ́lẹ̀ á ti máa dán. Ohun tó bọ́ níbẹ̀ ti wọnú ọbẹ̀.

Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ń tọ ọ̀pọ̀ alumíníọ́mù dànù. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣàìsàn ni kó ṣọ́ra jù. Èmi, òjé, irin tó jẹ́ májèlé, ló ń bà mí lẹ́rù, pàápàá nítorí ọmọdé. Àjákù ẹ́ńjìnnì àti oríṣiríṣi irin àlòkù ni wọ́n máa ń yọ́ rọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, òjé sì lè wà nínú rẹ̀ láìhàn sójú, láìyí adùn ọbẹ̀ padà.

Ẹ fi ìkòkò tánńganran tí kò tíì họ se ata gbẹ, tàbí èyí tí kì í dípẹtà. Bí kò bá sí, ẹ bu ọbẹ̀ kúrò ní kété tó bá jinná. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀.